Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ilé Ìfọpo Dangote Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bi èèyàn mẹ́ta léèrè ọjọ́ tí ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ṣí, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba èsì mẹ́ta. Ẹnì kan á ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni, torí ó wo Ààrẹ Bùhárí lórí tẹlifíṣọ̀n níbi ayẹyẹ náà. Ẹlòmíì á ní oṣù Kìíní ọdún 2024, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó ń fetí sí ìròyìn dísù fún jẹnẹrétọ̀ tàbí tírélà. Awakọ̀ á ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni tòun, nítorí ìgbà yẹn ni bẹntiróòlù jáde. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo máa ń kọ nípa àwọn iléeṣẹ́ wa sórí Wikipedia Yorùbá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára. Àpótí kékeré kan máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, ó sì fẹ́ kí èèyàn fi ọjọ́ kan ṣoṣo dáhùn ìgbà tí iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é tán tó sì lọ, ọjọ́ yẹn ló máa tàn kálẹ̀. Akọ̀ròyìn á gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ á fi kọ iṣẹ́ àṣeparí, iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ á tún un sọ nígbà àjọ̀dún rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò ní sẹ́ni tó mọ̀ mọ́ pé ayẹyẹ ni ọjọ́ náà, pé epo kankan kò tíì jáde lọ́jọ́ ọ̀hún.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì ń bá àwọn tá a jọ ń kọ ọ́ fà á, ni pé iléeṣẹ́ ńlá kì í ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan. Ohun tó ní ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó tò tẹ̀ léra, ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Nítorí náà mi ò ní kọ ọjọ́ sílẹ̀ láìkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ṣe é, ẹni tó sọ fún wa, àti ọjọ́ tí ẹni náà sọ ọ́. Ohun mẹ́rin yìí ni mo máa ń tò sórí ìlà kan. Tí ọ̀kan bá ṣófo, ìlà náà kò tíì tó lò.

Ẹ jẹ́ ká mú ayẹyẹ yẹn. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Muhammadu Bùhárí ṣí ilé ìfọpo náà. Ọjọ́ yìí kò ní àríyànjiyàn rárá: ààrẹ orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn gbogbo gbé e lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni Bùhárí gbé ìjọba sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn ayẹyẹ náà. Nígbàkígbà tí mo bá rí ayẹyẹ ìṣíde tó bọ́ sí ìparí sáà olóṣèlú, mo máa ń fura pé kàlẹ́ńdà olóṣèlú ló yan ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí ṣá o, ẹ̀rí ni mo lọ wá.

Ẹ̀rí ọ̀hún sì wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ayẹyẹ gan-an. Aliko Dangote fẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn pé ọjà àkọ́kọ́ tí àwọn máa fọ̀ yóò dé ìgboro kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dáadáa á rí ohun méjì nínú rẹ̀. Èkíní ni ìlérí, ìyẹn kò sì ṣẹ ní àkókò tó dá. Èkejì, tó wúlò jù fún ẹni tó ń wá ọjọ́, ni pé ẹni tó ni iléeṣẹ́ ti jẹ́rìí pé lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún, kò tíì sí lítà kan tí wọ́n fọ̀ tán fún títà. Ìlérí kì í sọ ọjọ́ tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọjọ́ tí nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń lo gbogbo ìlérí inú àtẹ̀jáde nìyẹn. Mi ò ní jù ú nù, mo kàn máa fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́kọ́ wo bí akọ̀ròyìn ṣe gbé ọ̀rọ̀ ìṣe kalẹ̀ kí n tó wo ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn. Ṣé ó ní iléeṣẹ́ “yóò bẹ̀rẹ̀” ni, àbí “ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀”, àbí “ti bẹ̀rẹ̀”? Láàrin ayẹyẹ yẹn àti ìgbà tí epo jáde, ìròyìn tó ní “yóò” àti “ti ṣe tán” pọ̀ lọ bíi rẹrẹ. Ẹni tó bá kàn ń wo àkọlé, tó wá mú èyí tó pẹ́ jù nínú wọn pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ìlérí ló máa kọ sílẹ̀ bí ìṣẹ̀lẹ̀.

Bí a ṣe ń wá a nìyí. Lórí Gúgù, mo máa ń fi ọjọ́ ṣe ọgbà yí ìbéèrè mi ká:

```
"Dangote refinery" diesel after:2023-12-01 before:2024-02-01
```

Ọ̀rọ̀ `after:` àti `before:` máa ń mú kí ìròyìn ọdún tó tẹ̀ lé e má bo ti ìgbà yẹn mọ́lẹ̀, nítorí ìròyìn tuntun ni Gúgù sábà máa ń tì síwájú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Gúgù ń lò kò ju ọjọ́ tó rí lórí ojú ìwé náà lọ. Tí ìwé ìròyìn kan bá tún ìkànnì rẹ̀ kọ́, tí gbogbo ìròyìn àtijọ́ sì wá gba ọjọ́ àtúnkọ́ yẹn, ìròyìn tí ẹ ń wá á sá kúrò nínú ọgbà. Nítorí náà, mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún un lápá méjèèjì, mo sì máa ń wo àdírẹ́sì ojú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa ló ń kọ ọdún àti oṣù sínú àdírẹ́sì, bíi `/2024/01/`, ìyẹn kì í sì í sábà yí padà bí wọ́n bá tún ojú ìwé ṣe.

Nígbà tí ọgbà yẹn ti wà, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọkọ̀ òkun gbé epo rọ̀bì àkọ́kọ́ dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àgbá epo Agbami, látọ̀dọ̀ ẹ̀ka iléeṣẹ́ Shell tó ń ta epo. Ìwé ìròyìn sọ orúkọ ọkọ̀ náà, OTIS. Mo fẹ́ràn irú ìròyìn báyìí gan-an. Ọkọ̀ òkun máa ń ní ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà, àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ káàkiri ayé ń rí i, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ni àtẹ̀jáde. Ẹ̀rí méjì tí kò gbára lé ara wọn nìyẹn. Ó sì fún wa ní ààlà tuntun: iléeṣẹ́ tí kò ní rọ̀bì kò lè fọ rọ̀bì, nítorí náà kò sí bí ìfọpo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ yẹn tó dé, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí.

Iléeṣẹ́ náà sọ pé àgbá mílíọ̀nù mẹ́fà ni àwọn nílò láti fi ta ẹ̀rọ jí. Ìpín kẹfà gúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2024. Kò pẹ́ sí i ni àtẹ̀jáde jáde pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ wo ni ti àtẹ̀jáde yẹn? Ibi tó gba sùúrù nìyí. Ẹ máa rí ọjọ́ 12 oṣù Kìíní níbì kan, ẹ sì máa rí ọjọ́ 13 níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Èmi á kọ́kọ́ bi ara mi bí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan ṣe lè wọlé, nítorí ọ̀nà tó lè gbà wọlé kò pọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn orí bébà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sì kọ “lánàá” sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé ìròyìn kan náà sórí ìkànnì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa wà lókè rẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ ọjọ́ fi ṣe pàtàkì sí mi ju nọ́ńbà tó wà lókè lọ. Ẹ ka ìpínrọ̀ kìíní, ẹ wo bóyá “lọ́jọ́ Ẹtì” ni wọ́n kọ tàbí “lọ́jọ́ Àbámẹ́ta”, kí ẹ wá lọ wo kàlẹ́ńdà oṣù yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ọjọ́ 12 ni ọjọ́ Ẹtì. Tí orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà kò bá bára wọn mu, orúkọ ọjọ́ ni mo sábà máa ń gbà gbọ́, torí akọ̀ròyìn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìkànnì ló fi nọ́ńbà síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì farapamọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ohun tó wà lábẹ́ ojú ìwé ìròyìn, ẹ máa ń rí ìlà kan tó jọ èyí. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi èyí ṣe:

```
<meta property="article:published_time"
      content="2024-01-12T23:30:00+00:00">
```

`+00:00` tó wà lẹ́yìn yẹn túmọ̀ sí pé aago Griniiṣi ni. Aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ní Griniiṣi, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 12 ni. Ní Èkó, aago méjìlá ààbọ̀ òru ni, ọjọ́ 13 ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹlòmíì bá ka ìlà yẹn láìwo `+00:00`, ọjọ́ kan ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà mìíràn tún wà tó ń jẹ́ `article:modified_time`, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń gbé síta fún òǹkàwé, tí ọjọ́ gidi wá fara pamọ́ sábẹ́.

Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú àwòrán ojú ìwé àtijọ́, náà máa ń ràn mí lọ́wọ́. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá tó wà láàrin àdírẹ́sì rẹ̀, lẹ́yìn `web.archive.org/web/`, ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ya àwòrán ojú ìwé náà, aago Griniiṣi nìyẹn náà. Ohun tó fi hàn ni pé ìròyìn náà ti wà níta ní wákàtí yẹn. Kò fi hàn pé wákàtí yẹn ló jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohunkóhun nípa ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀. Àwọn kan máa ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí wọ́n sọ ẹ̀rí tó dára di irọ́.

Kódà lẹ́yìn gbogbo èyí, ọjọ́ tí ọwọ́ wa tẹ̀ ni ọjọ́ tí iléeṣẹ́ sọ fún wa pé àwọn “ti bẹ̀rẹ̀”. Àtẹ̀jáde náà kò sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tú dísù jáde. Nítorí náà ohun tí mo kọ ni pé iléeṣẹ́ kéde ní àárín oṣù Kìíní ọdún 2024 pé àwọn ti ń ṣe dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú. Mi ò kọ ọ́ pé ọjọ́ báyìí ni dísù àkọ́kọ́ jáde. Oníbàárà pàápàá kò rí i lọ́jà títí di nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún náà, nígbà tí iléeṣẹ́ ń ta lítà kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀fà náírà, ìyẹn 1,200, tó sì tún rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 1,000 ní àárín oṣù Kẹrin. Ìlà ọ̀tọ̀ ni ìyẹn náà nínú ìwé mi.

Ti bẹntiróòlù ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù, nítorí ìlérí rẹ̀ pọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2024, níbi àpérò àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Kìgálì lórílẹ̀-èdè Ruwáńdà, Dangote ní oṣù Kẹfà ni. Nígbà tó yá, oṣù Keje ni. Lẹ́yìn náà, oṣù Kẹjọ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Dangote wá gbé bẹntiróòlù inú ìgò sókè fún àwọn akọ̀ròyìn rí. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ti sọ fún Reuters pé àwọn ti ń dán an wò. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù yẹn kan náà, àwọn ọkọ̀ tí NNPC rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo jáde látẹnu géètì.

Ọjọ́ 15 yìí ni mo fọkàn balẹ̀ sí jù nínú gbogbo ọjọ́ tó wà lórí ìwé mi, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìwé ìròyìn ogún lè gbé ọjọ́ kan kí ó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ wọn wéra. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, tí àṣìkọ kan náà sì wà nínú gbogbo wọn, àtẹ̀jáde kan ni wọ́n dà kọ, ẹlẹ́rìí kan náà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 15, NNPC ló gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní 898 náírà ni lítà kan tí àwọn rà á. Iléeṣẹ́ Dangote fèsì pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣi aráàlú lọ́nà. Iyàn wọn le lórí iye owó, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn pé ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo. Nígbà tí alátakò méjì bá fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ kan láàrin ìjà, kí tún ni mo ń wá?

Nínú ọgbà kan náà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tún wà, èyí tí Bùhárí kan náà ṣí lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ilẹ̀ kan náà, onílé kan náà, ààrẹ kan náà, ọjọ́ 22 kan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọjọ́ ajílẹ̀ ṣe ti epo. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ wá ohun tí ìròyìn náà ní wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Tí ó bá mẹ́nu ba yúríà àti tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, ajílẹ̀ ni. Tí ó bá mẹ́nu ba 650,000 àgbá lójúmọ́, ilé ìfọpo ni.

Ó ku ti ìṣípòpadà, tó ṣòro jù nítorí kò ní ayẹyẹ. Nígbà tí Dangote buwọ́ lùwé àdéhùn owó yíyá pẹ̀lú àwọn báǹkì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Lẹ́kkí kọ́ ni wọ́n dárúkọ. Olokola ni, lẹ́bàá òkun níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó ti pàdé. Ilé ìfọpo tí wọ́n sì ń sọ nígbà yẹn, 400,000 àgbá lójúmọ́ ni, tí wọ́n ní yóò parí ní ọdún 2016. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń tú àwọn ìtàn tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà fó. Àkọsílẹ̀ tó bá ní ọdún 2013 ni Dangote kéde ilé ìfọpo 650,000 àgbá sí Lẹ́kkí, kì í ṣe ọdún 2013 ni ẹni tó kọ ọ́ ti rí ohun tó kọ. Ó mú nọ́ńbà àti ibi tó wà lónìí, ó gbé e padà sí ọjọ́ àná.

Iléeṣẹ́ kì í sábà pe akọ̀ròyìn láti sọ pé àwọn ń kúrò níbì kan. Ibi tuntun ni wọ́n máa ń pariwo rẹ̀, ti àtijọ́ á kàn dákẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń wá ìròyìn tó kẹ́yìn tó ṣì ń sọ Olokola bí ibi tí iṣẹ́ máa wà, mo sì máa ń wá èyí tó kọ́kọ́ sọ Lẹ́kkí. Àárín àwọn méjèèjì ni ìṣípòpadà wà, bí mo sì ṣe ń rí ìròyìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àárín náà ń fún. Kí ìròyìn kan tó lè ṣe ààlà fún mi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan kọ nígbà yẹn gan-an, tó sì dárúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2025, Dangote sọ ní gbangba ní ìpínlẹ̀ Ògùn pé àwọn ti kúrò ní Olokola tẹ́lẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ padà síbẹ̀ wá kọ́ èbúté. Ẹ̀rí pàtàkì lèyí nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe é ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́, kò sì dárúkọ ọjọ́. Mo kọ ọ́ sórí ìlà tirẹ̀, mo kọ 2025 síwájú rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó wọ inú àárín tí mo ń fún yẹn.

Fún àwọn tó bá fẹ́ bá mi ṣe é: ìwé ìròyìn orí bébà ti ọdún 2013 àti 2014 ló kù tó lè fún àárín yẹn sí i, pàápàá ojú ìwé ọrọ̀ ajé wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn ilé ìkàwé ńlá, bíi Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń to ìwé ìròyìn pamọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2013, ẹ máa ṣí i lọ síwájú, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìwé náà pẹ̀lú orí rẹ̀ tí ọjọ́ wà, kì í ṣe ìròyìn nìkan.